Ẹ Jẹ́ Ká Bẹ̀rẹ̀ Láti Ìparí: Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, mi ò sì ní fi mẹ́wàá kíni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló wọ iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn tí kò wọ̀ ọ́, ó kéré tán, wọ́n ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó ń gbé ìwé bọ̀ láti iléèwé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n gbogbo wa la lè gbọ́ ọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Nígbà tí olùkọ́ bá jókòó ní ọjọ́ Sátidé láti kọ nóòtì ẹ̀kọ́ tí yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ló máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀? Bí ẹ bá bi àwọn olùkọ́ tí ẹ mọ̀, irú ìdáhùn méjì lẹ óò gbọ́ jù. Àwọn kan á ní àwọn ṣí ìwé, àwọn wo ojú ewé tó kàn, àwọn sì pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn yá, á ní àwọn kọ́kọ́ wá ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe tí inú wọn yóò dùn sí: eré, àríyànjiyàn, káàdì aláwọ̀ mèremère, ìrìn-àjò lọ sí báńkì. Ti àkọ́kọ́, ìwé ló ń darí olùkọ́. Ti ìkejì, ariwo kíláàsì ló ń darí rẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó tíì béèrè pé lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí bá parí, kí ni ọmọ yìí yóò lè ṣe tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀, báwo la ó sì ṣe mọ̀ pé ó lè ṣe é?

Kì í ṣe èmi ni mo dá ìbéèrè yìí sílẹ̀ o. Ralph Tyler, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ti tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1949 tó fi ète ẹ̀kọ́ ṣáájú gbogbo ohun mìíràn nínú ètò ẹ̀kọ́. Ní 1998, Grant Wiggins àti Jay McTighe, ará Amẹ́ríkà làwọn náà, gbé e jáde ní ọ̀nà tí olùkọ́ kíláàsì lè fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí olùkọ́ ṣètò láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Ní àkọ́kọ́, kọ ohun tó yẹ kó kù lọ́wọ́ ọmọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ẹ̀rí tí yóò jẹ́ kó dá ọ lójú pé ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí o bá ṣe méjèèjì tán lo tó lè kọ ohun tí ìwọ àti àwọn ọmọ yóò máa ṣe lójoojúmọ́. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ kó tó béèrè bóyá bùbá ni àbí agbádá. Àwa olùkọ́ ló jẹ́ pé a ti máa ń gé aṣọ tán ká tó béèrè.

Lẹ́nu, ó rọrùn. Ibi tó ti le ni ibi ṣíṣe é, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan ká jọ ṣe é níbí. Ìṣirò èlé ni mo mú, ní kíláàsì JSS 2. Ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì, ó wà nínú gbogbo ìwé ìṣirò, kò sì sí ilé tí ọ̀rọ̀ owó yíyá kì í dé. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní, píríọ́dù márùn-ún lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú ni píríọ́dù kan, àádọ́ta ọmọ ló sì wà ní kíláàsì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: kí ló yẹ kó kù? Bí ẹ bá wo nóòtì olùkọ́, ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ ni pé “ní ìparí ẹ̀kọ́, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èlé.” Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ “mọ èlé”? Ṣé kó lè ka ìtumọ̀ rẹ̀ lórí ni? Ṣé kó lè fi nọ́ńbà sí ààyè P àti R àti T ni? Àbí kó lè gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó èlé? Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ wọn kò sì jọra. Olùkọ́ tó bá fi í sílẹ̀ ní “mọ èlé” kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí èmi máa ń gbà ni kí n kó gbogbo ohun tó wà lábẹ́ orí ẹ̀kọ́ náà jọ, kí n wá jọ̀ ọ́ bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Àwọn ohun kan wà tó jẹ́ pé kí ọmọ ṣáà ti gbọ́ ọ rí náà ti tó, bíi orúkọ oríṣi àkáǹtì tó wà ní báńkì. Àwọn kan wà tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe láìṣì: kó lè wá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó, kó sì lè lo `I = PRT/100`. Lẹ́yìn náà ni ẹyọ kan tàbí méjì tó yẹ kó ṣì wà lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tó bá ti gbàgbé fọ́múlà. Fún ẹ̀kọ́ yìí, gbólóhùn tí mo kọ ni èyí: èlé ni owó tí a ń san nítorí pé a lo owó olówó fún ìgbà kan, a kò sì lè fi iye èlé tí wọ́n dárúkọ nìkan mọ èyí tó wọ́n jù nínú owó méjì, àfi tí a bá mọ iye ìgbà àti owó tí wọ́n ń ka èlé náà lé lórí.

Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tí “mọ èlé” kò lè ṣe. Ó sọ fún mi ibi tí àṣìṣe ọmọ yóò wà. Ọmọ tí kò bá ní òye yìí, tí o bá ní ẹnì kan ń gba 2% lóṣù, ẹnì kejì ń gba 3%, kíá ni yóò sọ pé ti ẹni tó ń gba 2% ló dín. Òun nìkan kọ́ o, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà náà á sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí ni ẹ̀rí? Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá. Nígbà tí a kò tíì ronú kan eré tàbí àpẹẹrẹ kankan, a ó kọ iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò nìyí.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ fẹ́ yá ₦60,000, yóò sì san án tán láàárín oṣù mẹ́fà. Olówó èlé kan ní òun á gba 2% lóṣù, lórí gbogbo ₦60,000, láti oṣù kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò ní àwọn á gba 3% lóṣù, ṣùgbọ́n lórí gbèsè tó bá ṣẹ́kù nìkan, ìyá náà á sì máa dá ₦10,000 padà nínú ojú owó lóṣooṣù. Èrè tí ìyá yìí lè yọ sílẹ̀ fún gbèsè ní oṣù àkọ́kọ́ kò ju ₦11,500 lọ. Kọ lẹ́tà sí i, ojú ewé kan péré, kí o gbà á nímọ̀ràn èyí tó yẹ kó mú, kí o sì fi ìṣirò rẹ hàn án.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ti olówó èlé: `60000 × 2 × 6 / 100`, ₦7,200 ni èlé. Gbogbo ohun tí ìyá yóò san jẹ́ ₦67,200, ìyẹn ₦11,200 lóṣù. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: oṣù àkọ́kọ́, 3% lórí ₦60,000 jẹ́ ₦1,800. Oṣù kejì, gbèsè ti di ₦50,000, èlé jẹ́ ₦1,500. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sọ̀kalẹ̀, ₦1,200, ₦900, ₦600, ₦300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,300. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó pe 3% fi ₦900 dín sí ẹni tó pe 2%.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò gba ₦10,000 pẹ̀lú ₦1,800, ìyẹn ₦11,800. Owó ọwọ́ ìyá sì jẹ́ ₦11,500. Ó ku ₦300. Nítorí náà, ọmọ kan lè ní kí ìyá mú ti ẹgbẹ́, kó wá ọ₦300 kún un lóṣù àkọ́kọ́, nítorí láti oṣù kejì lọ kò ní ju ₦11,500 lọ mọ́. Ọmọ mìíràn lè ní kó mú ti olówó èlé nítorí pé kò fẹ́ kí ìyá jẹ gbèsè oṣù àkọ́kọ́ kó sì dójú tì í. Èmi á fún àwọn méjèèjì ní máàkì, bí ìṣirò wọn bá tọ̀nà tí wọ́n sì mọ ìdí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ₦300 yẹn síbẹ̀ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ tó bá ṣírò tán á kàn tọ́ka sí nọ́ńbà tó kéré, kò ní ronú kan ìyá náà rárá.

Kí ẹ tó gba irú iṣẹ́ báyìí wọlé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì nípa rẹ̀. Ṣé ọmọ lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa láìní òye tí a kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní? Ṣé ọmọ tó ní òye náà sì lè kùnà rẹ̀ nítorí nǹkan mìíràn? Ẹ fi wọ́n wo iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ wa lónìí. Wọ́n ní kí ọmọ ya àwòrán báńkì sórí káádíbọọ̀dù, kó kọ ìtumọ̀ èlé sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó mọ àwòrán yà á gba máàkì pọ̀, kó má mọ nǹkankan nípa èlé. Èyí tó mọ èlé tí ọwọ́ rẹ̀ kò dáa á kùnà. Iṣẹ́ yẹn kò lè jẹ́ ẹ̀rí, bó ti wù kó lẹ́wà tó lára ògiri. Lẹ́tà tiwa náà ní àléébù tirẹ̀: ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kọ lè kùnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, Yorùbá ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, mi ò sì ń yọ máàkì nítorí àdírẹ́ẹ̀sì.

Máàkì rẹ̀ ńkọ́? Ogún ni mo fi sí i. Mẹ́jọ fún ìṣirò méjèèjì. Mẹ́jọ fún àlàyé ohun tó jẹ́ kí 3% dín sí 2%. Mẹ́rin fún ìmọ̀ràn tó bá owó ọwọ́ ìyá mu. Ẹ rí i pé àlàyé ní ìwúwo kan náà pẹ̀lú ìṣirò. Ọmọ tó bá kọ “ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára nítorí wọn kì í rẹ́ni jẹ” kò gba nǹkankan nínú mẹ́jọ yẹn, kódà bí ìṣirò rẹ̀ bá pé. Ohun tí mò ń wá ni gbólóhùn kan tó sọ pé gbèsè ń dín kù lóṣooṣù ní ọ̀dọ̀ ọ̀kan, kò sì dín kù lójú ìṣirò ní ọ̀dọ̀ ìkejì. Mo máa ń kọ ètò máàkì yìí sílẹ̀ kí n tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ìwé àwọn ọmọ dé ọwọ́ yín, ohun tí àwọn ọmọ kọ ni yóò máa sọ fún yín ohun tó yẹ kí ẹ fún ní máàkì.

Ìgbésẹ̀ kẹta wá kù, ìyẹn ohun tí a ó ṣe lójoojúmọ́. Ẹ má tíì ṣí ìwé ìṣirò. Ẹ mú lẹ́tà yẹn, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn. Kí ọmọ tó lè kọ lẹ́tà náà, kí ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe? Ó gbọ́dọ̀ lè tẹ́ gbèsè oṣù mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kó sì máa yọ ojú owó kúrò. Kó tó lè ṣe ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìbéèrè “lórí iye wo?” wà. Ṣáájú ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí èlé bá jẹ́ ti ọdún, ìgbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọdún, bó bá jẹ́ ti oṣù, kí ìgbà jẹ́ ti oṣù. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè wá 2% nínú ₦60,000. Ẹ wá yí i padà, ẹ ti ní ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, mo fún wọn ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe fún máàkì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àkàbà náà ní ìsàlẹ̀ ni. Bí ọ̀pọ̀ kò bá lè wá 2% nínú ₦60,000, píríọ́dù kejì á lọ sórí ìyẹn, mi ò ní bínú. Lẹ́yìn náà la ó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí èlé jẹ́. Mo máa ń mú ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà wá síbí, nítorí àwọn bàbá wa mọ èlé kí báńkì tó dé. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé owó tí wọ́n yá. Ojú owó ṣì wà níbẹ̀ ní pípé, iṣẹ́ náà kò dín in kù, àfi ìgbà tí wọ́n bá san án tán ni ìwọ̀fà tó bọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí ti gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ojú owó àti èlé lọ́nà tí fọ́múlà kò lè gbà sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni `I = PRT/100` tó wọlé, a ó sì ṣe àpẹẹrẹ inú ìwé bí a ti máa ń ṣe é.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo, lórí bébà kékeré, kí wọ́n tó jáde: ₦40,000, èlé 12% lọ́dún, oṣù mẹ́sàn-án, èlélòó ni èlé? Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ₦3,600. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí bébà tí wọ́n kọ ₦43,200 sí. Àwọn yẹn fi 9 sí ààyè T láì sọ ọ́ di ọdún. Ẹ má wulẹ̀ fa ìlà pupa sí i. Ẹ bi wọ́n pé ẹni tó yá ₦40,000, ṣé èlé oṣù mẹ́sàn-án lè ju owó tó yá lọ nígbà tí gbogbo ọdún kan jẹ́ 12 péré lórí ọgọ́rùn-ún? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún un ṣe fúnra wọn. Bí irú bébà bẹ́ẹ̀ bá ju mẹ́wàá lọ nínú àádọ́ta, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ibẹ̀ la ó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí irú ìbéèrè báyìí wà fún nìyẹn. Kì í ṣe fún ìwé máàkì, ètò ọ̀la ló wà fún.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ti gbèsè tó ń dín kù. Ìdérí ìgò la fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ ọmọ márùn-ún márùn-ún, ìdérí mẹ́fà fún ẹgbẹ́ kan, ìdérí kan dúró fún ₦10,000. Oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ ka èlé lórí ìdérí tó wà nílẹ̀, kí wọ́n tó mú ọ̀kan kúrò. Ẹ kíyè sí ètò yẹn o: èlé kọ́kọ́, ìmúkúrò lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú ìdérí kúrò á pàdánù èlé oṣù àkọ́kọ́, àpapọ̀ rẹ̀ á sì dín. Olùkọ́ tó ń rìn káàkiri á fojú rí i láì béèrè. Lẹ́yìn ìdérí, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ìwé ní òpó mẹ́rin: oṣù, gbèsè tó wà nílẹ̀, èlé, owó tí a san.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi gbèsè méjì wéra, kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí gbogbo àpẹẹrẹ bá jẹ́ pé ti gbèsè tó ń dín kù ló ń jáwé olúborí, àwọn ọmọ kò ní ṣírò mọ́. Wọ́n á kàn wá ọ̀rọ̀ náà “tó bá ṣẹ́kù” wọ́n á sì mú un. Nítorí náà mo máa ń fún wọn ní méjì pọ̀. ₦24,000, oṣù mẹ́rin, 5% lóṣù lórí gbogbo owó: ₦4,800. Owó kan náà, 7% lórí èyí tó ṣẹ́kù, ₦6,000 ni wọ́n ń dá padà lóṣù: ₦4,200. Ó dín. Ẹ wá sọ 7% yẹn di 9%: ó di ₦5,400, ó ti wọ́n jù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fúnra wọn pé ibo ló ti yí padà. Ní 8% ni, níbi tí méjèèjì ti jẹ́ ₦4,800. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò jọ ti lẹ́tà ìparí. Bó bá jọ ọ́, ìrántí la ń dán wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: píríọ́dù kan fún àpẹẹrẹ, méjì fún lẹ́tà, ọ̀kan fún dídá ìwé padà àti àtúnṣe, ọ̀kan fún ìbéèrè irú èyí tó máa ń wá nínú ìdánwò. Ní ọjọ́ àpẹẹrẹ yẹn ni mo máa ń mú owó tí wọ́n ń yá lórí fóònù wọlé: ẹni kan gba ₦10,000, yóò dá ₦11,500 padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí wọ́n sọ èlé lóṣù. 30% ni. Àwọn ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n tó ti yá irú owó bẹ́ẹ̀ á dákẹ́ fẹ́ẹ́.

Ẹ wá béèrè pé, níbo ni àríyànjiyàn “àjọ dára ju báńkì lọ” wà? Níbo ni ìrìn-àjò lọ sí báńkì wà? Wọn kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn, ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo àkàbà náà, mi ò rí ìpele tí ó gbé ọmọ gùn. Ìdérí ìgò gbé e gùn, ó dúró. Báyìí ni ètò àtẹ̀yìnwá ṣe ń dá ẹjọ́: kò béèrè bóyá ohun kan dùn, ó béèrè ibi tí ó ń gbé ọmọ lọ. Gígé ohun tó dùn kúrò lè ro olùkọ́ lọ́kàn, àmọ́ píríọ́dù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò pọ̀.

Ó kù díẹ̀ nípa ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé olùkọ́ á ti kọ ohun tí yóò ṣe tán, á wá padà sókè lọ kọ ète tó bá a mu kí alábòójútó lè rí i. Fọ́ọ̀mù á kún, ṣùgbọ́n nǹkankan kò yí padà. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n: ẹ bo apá ète mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ìdánwò ìparí nìkan, kí ẹ gbìyànjú láti sọ ète náà. Bí ohun tí ẹ lè sọ kò bá ju “kí ọmọ lo fọ́múlà” lọ, nígbà tí ète tí wọ́n kọ ń sọ̀rọ̀ òye àti ìrònú, a jẹ́ pé méjèèjì kò mọ ara wọn rí.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ tó jókòó síhìn-ín fẹ́ sọ: síkíìmù ìjọba wà níbẹ̀, ó sì ní ohun tó gbọ́dọ̀ wọlé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdánwò ìparí ọdún kẹta ń bọ̀, ìwé àádọ́ta ọmọ kì í ṣe eré. Òótọ́ ni. Mi ò sọ pé kí a ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ báyìí. Ọ̀nà Wiggins àti McTighe náà kì í ṣe fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, abala tó gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló bá a mu. Ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì ní sáà kan ti tó fún olùkọ́ tó ń dá ṣe é. Ti síkíìmù, ẹ óò rí i pé fọ́múlà àti ìbéèrè inú ìwé kò kúrò nínú ètò wa, ibi tí wọ́n wà ló yí padà. Ti máàkì, lẹ́tà ojú ewé kan ni, ètò máàkì sì ti wà nílẹ̀. Bí àádọ́ta bá pọ̀ jù, kí ọmọ méjì jọ ṣe ìṣirò, kí olúkúlùkù wá kọ àlàyé tirẹ̀ sábẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jọ kọ àlàyé o, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dá ìwé padà, ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta pa mọ́, ọ̀kan tó dáa, ọ̀kan tó wà láàárín, ọ̀kan tó kùnà, kí ẹ fi ìwé bo orúkọ wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ tó kọ́ kíláàsì tuntun ní èlé, ẹ kọ́kọ́ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó kùnà ni kí ẹ kà pẹ́ jù, kí ẹ wá ìpele àkàbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti yẹ̀, kí ẹ sì fi píríọ́dù kan kún ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo bébà ètò máàkì náà, mo mú u dání, ó wà nínú báàgì mi lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.